Nígbà Tí Àgùdà Bá Ń Pe Màríà, Kí Ni Ó Ń Bèèrè?

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1505, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú Ẹ́fọ́ọ̀tì, òjò sì ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Àrá sán lẹ́bàá rẹ̀, jìnnìjìnnì ikú bò ó. Ánà Mímọ́, ìyá Màríà, ni ó ké pè pé kó gba òun, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá là á já, òun yóò di mọ́ńkì. Ó là á já. Kí oṣù náà tó parí, ó ti wọ ilé àwọn mọ́ńkì. Màtínì Lútà ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1530, àwọn tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Lútà yìí kan náà gbé ìwé ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn síwájú olú-ọba ní ìlú Ọ́gúsúbọ́ọ̀gì. Orí kọkànlélógún ìwé náà gbà pé ó dára kí á máa rántí àwọn ẹni mímọ́, kí á sì máa fi ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ rere wọn ṣe àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní Ìwé Mímọ́ kò kọ́ wa pé kí á máa ké pè wọ́n fún ìrànlọ́wọ́, nítorí Kírísítì nìkan ni onílàjà wa. Ohun tó bọ́ lẹ́nu Lútà láìròtẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ òjò ọjọ́sí ti wá di ohun tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kọ̀ ní gbangba.

Nígbà tí ìjà náà dé ilẹ̀ Yorùbá, gbólóhùn méjì ló kù nínú rẹ̀. Ọmọ ìjọ mìíràn á ní, "Ẹ̀yin Àgùdà, Màríà lẹ ń bọ." Àgùdà á fèsì pé, "A kì í bọ ọ́, ọlá la ń bù fún un." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń dúró sí, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, kókó ìjà náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà ti pín, kó mú àdúrà tí Àgùdà ń gbà jù lọ nípa Màríà, kó tú u palẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ.

Ìkíni, orúkọ, ẹ̀bẹ̀

Ẹni tó bá gba rósárì alápá márùn-ún tán ti ka àdúrà ìkíni Màríà nígbà 53: mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀, àti mẹ́wàá mẹ́wàá ní ọ̀nà márùn-ún. Àdúrà náà kò gùn, ó sì ní ìpín mẹ́ta.

Ìkíni ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì sí Màríà ni, àti ọ̀rọ̀ Èlísábẹ́tì nígbà tí Màríà wá kí i. Inú orí kìíní Ìhìn Rere Lúùkù ni méjèèjì ti wá, ní ẹsẹ 28 àti 42. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni àdúrà náà parí sí. Ẹni tó ń kà á kò bèèrè ohunkóhun, ó kàn ń tún ìkíni inú Bíbélì sọ ni. Lútà fúnra rẹ̀ kò bá ìkíni náà jà. Ní ọdún 1521, lẹ́yìn tí Póòpù ti lé e kúrò nínú ìjọ, ó kọ odindi ìwé lórí orin ìyìn tí Màríà kọ nínú orí kan náà, ó sì fi ọ̀wọ̀ púpọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkíni ni orúkọ: àdúrà náà pe Màríà ní Ìyá Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ni etí wọn kì í gba èyí. Wọ́n á ní ta ló bí Ọlọ́run? Ṣùgbọ́n ìjà orí orúkọ yẹn ti parí kó tó di pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì wà. Nẹ́sítóríọ́sì, bíṣọ́ọ̀bù Kọnsitantinópù, ló ní ó sàn kí á pè é ní ìyá Kírísítì. Sírílì, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, dá a lóhùn pé ẹnì kan ṣoṣo ni ọmọ tí Màríà bí, kì í ṣe méjì. Bí ọmọ náà bá jẹ́ Ọlọ́run, a jẹ́ pé ìyá Ọlọ́run ni ìyá rẹ̀. Kò sọ pé ọ̀dọ̀ Màríà ni Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Éfésù ní ọdún 431 fara mọ́ ọ̀rọ̀ Sírílì. Lútà gbà pẹ̀lú àpérò yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta ko orúkọ yìí láàárín àwọn ìjọ tó ti ọ̀dọ̀ Lútà wá ń ta ko bàbá ìjọ tirẹ̀ náà.

Ẹ̀bẹ̀ ló parí rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń sọ fún Màríà pé kó gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀ nísinsìnyí àti nígbà ikú wa. Ẹ̀bẹ̀ yìí ló pẹ́ jù lọ kó tó fìdí múlẹ̀. Inú ìwé àdúrà tí Póòpù Píọ́sì Karùn-ún gbé jáde ní ọdún 1568 ni ó ti di ohun tí gbogbo ìjọ Róòmù ń kà bákan náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti pín.

Ìdí tí Àgùdà fi ń bẹ ẹni tó ti kú

Ohun tí gbogbo onígbàgbọ́ jọ ń ṣe ni Àgùdà fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀. Pọ́ọ̀lù bẹ àwọn ará nínú ìwé rẹ̀ léraléra pé kí wọ́n gbàdúrà fún òun. Jákọ́bù ní kí á máa gbàdúrà fún ara wa, nítorí àdúrà olódodo ní agbára. Ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tó wà nínú ìṣòro kì í jókòó sílé kó ní Jésù nìkan ni onílàjà. Á lọ bá pásítọ̀, á ní, "Dádì, ẹ bá mi gbé e sínú àdúrà." Kò sí ẹni tó máa sọ pé ó ti fi pásítọ̀ rọ́pò Jésù.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ikú. Àgùdà ní ikú kò lè gé ẹ̀yà ara Kírísítì kúrò lára Kírísítì. Bí ẹni mímọ́ bá wà láàyè níwájú Ọlọ́run, kí ló dé tí kò ní lè ṣe ohun tó ń ṣe nígbà tó wà láyé? Wọ́n á tọ́ka sí orí karùn-ún Ìfihàn, níbi tí àwọn àgbà mẹ́rìnlélógún ti mú àwo wúrà lọ́wọ́ níwájú Ọ̀dọ́ Àgùntàn. Tùràrí ló kún inú àwo náà, Bíbélì sì túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé àdúrà àwọn ènìyàn mímọ́ ni. Bí àdúrà wa bá wà lọ́wọ́ àwọn ará ọ̀run, Àgùdà ní ọ̀rọ̀ wa kò ṣàjèjì sí wọn.

Wọ́n á tún sọ pé àṣà náà ti pẹ́. Lábẹ́ ìjọ Sẹ̀básítíánì Mímọ́, lójú ọ̀nà Ápíà ní Róòmù, ògiri kan wà tí àwọn onígbàgbọ́ tó wá ṣèrántí Pétérù àti Pọ́ọ̀lù fi nǹkan ṣóńṣó họ ọ̀rọ̀ sí ní bí ọdún 250 sí 300. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1915 rí i. Kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́. Kálukú pe Pétérù àti Pọ́ọ̀lù lórúkọ, ó ní kí wọ́n rántí òun tàbí kí wọ́n bá òun gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀, nígbà yẹn, ìjọba Róòmù ṣì ń pa àwọn onígbàgbọ́ ní àkókò dé àkókò.

Ṣé ìjọsìn kọ́ ni èyí? Ìdáhùn tó yanjú jù lọ wà nínú àdúrà gígùn tí Àgùdà máa ń fi pe ẹni mímọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn ní alẹ́ ọjọ́ Àjíǹde tàbí nígbà tí wọ́n bá ń fi fada joyè. Ẹ fetí sí bí ìjọ ṣe ń dáhùn. Nígbà tí aṣáájú bá pe Ọlọ́run, ìjọ á ní kó ṣàánú. Ní kété tó bá pe Màríà, ìdáhùn yí padà: kó gbàdúrà fún wa ni. Bẹ́ẹ̀ ni fún Pétérù, bẹ́ẹ̀ ni fún Àgátà. Nígbà tó bá tún padà sọ́dọ̀ Kírísítì, wọ́n á ní kó gbà wá. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹni mímọ́ kankan dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì wọ́n. Ìrúbọ Mísà pẹ̀lú, Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń rú u sí. Wọ́n lè ṣe é ní ọjọ́ ìrántí ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í rú u sí ẹni mímọ́. Ògúsítínì tí ṣe bíṣọ́ọ̀bù Hípò ti ṣe àlàyé yìí ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn kan fẹ̀sùn kan náà kan àwọn onígbàgbọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì rí sí i

Pùròtẹ́sítáǹtì tó mọ ọ̀rọ̀ dáadáa kò ní jókòó ti ẹ̀sùn pé Màríà ni wọ́n ń bọ. Á ní ká gbà pé ẹ kò bọ ọ́: ta ló ní kí ẹ bá a sọ̀rọ̀?

Àtakò rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, kò sí ẹnì kan tó bẹ ẹni tó ti kú pé kó bá òun gbàdúrà, kí Ọlọ́run sì yìn ín fún un. Ẹni tó wá òkú lọ ni Sọ́ọ̀lù ọba, tó ní kí obìnrin abókùúsọ̀rọ̀ ní Ẹ́ńdórì pe Sámúẹ́lì jáde, ọ̀rọ̀ náà kò sì bí ire. Òfin Mósè nínú Diutarónómì 18 kà á léèwọ̀ kí á máa wádìí lọ́dọ̀ òkú. Àgùdà á ní àwọn kò wádìí ohun ìkọ̀kọ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, àwọn kò sì retí kí òkú dáhùn, ẹ̀bẹ̀ lásán ni àwọn ń bẹ̀. Wọ́n á tún mú orí 15 ìwé Mákábì kejì jáde, níbi tí Júdásì Mákábì ti lá àlá rí wòlíì Jeremáyà, tó ti kú tipẹ́, tó ń gbàdúrà kíkankíkan fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìwé yẹn kò sí nínú Bíbélì Pùròtẹ́sítáǹtì, nítorí náà kò lè fi parí ìjà. Kódà ẹni tó bá gbà á gbọ́ á rí i pé Jeremáyà ń gbàdúrà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́.

Ààlà tóóró ni èyí, ó sì yẹ kí á dúró wò ó dáadáa. Fílípì Mẹ̀láńtónì, ọ̀rẹ́ Lútà, kọ̀wé gbèjà ìjẹ́wọ́ Ọ́gúsúbọ́ọ̀gì ní ọdún 1531. Nínú rẹ̀, ó gbà pé àwọn ẹni mímọ́ lọ́run lè máa gbàdúrà fún ìjọ ayé. Ohun tó kọ̀ ni pé èyí fún wa láṣẹ láti máa pè wọ́n. Àdúrà gbọ́dọ̀ ti inú ìgbàgbọ́ wá, ìgbàgbọ́ sì gbọ́dọ̀ dúró lórí ìlérí Ọlọ́run. Níbo ni Ọlọ́run ti ṣèlérí pé bí o bá pe Màríà, yóò gbọ́?

Jòhánù Kálífínì fi ẹ̀fẹ̀ gbé àtakò kejì kalẹ̀: ta ló sọ fún wa pé etí àwọn ẹni mímọ́ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa? Pásítọ̀ tí mo bẹ̀, mo mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí ó wà níwájú mi tàbí lórí fóònù. Bí ẹnì kan bá ń pe Màríà ní Ìbàdàn, tí òmíràn ń pè é ní Mánílà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ń pè é nígbà kan náà, ẹni tó lè gbọ́ gbogbo wọn ti ní ohun tí Ọlọ́run nìkan ní. Tọ́másì ti Àkúínò ti dáhùn irú ìbéèrè yìí kí wọ́n tó bí Kálífínì. Ó ní kì í ṣe agbára ara wọn ni àwọn ẹni mímọ́ fi mọ ohun tí à ń bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run tí wọ́n ń wò ló ń fi í hàn wọ́n. Pùròtẹ́sítáǹtì á wá ní, bí ó bá jẹ́ Ọlọ́run ló máa kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ mi fún Màríà kí Màríà tó bá mi sọ ọ́ fún Ọlọ́run, kí ló dé tí n kò bá Ọlọ́run sọ ọ́ tààrà? Àgùdà á ní ohun kan náà ni a lè bi ẹni tó lọ bá pásítọ̀: Ọlọ́run ti mọ ìṣòro rẹ kí pásítọ̀ tó gbọ́. Ó wu Ọlọ́run kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbé ẹrù ara wọn ni.

Àtakò kẹta kò ti inú ìwé wá, inú ohun tí ojú rí ni. Pùròtẹ́sítáǹtì ní ohun yòówù kí àwọn ọ̀mọ̀wé máa sọ, ọkàn àwọn ènìyàn máa ń rọra kúrò lọ́dọ̀ Kírísítì. Wọ́n ní ẹni mímọ́ tí wọ́n ń bẹ nítorí ohun tó sọnù, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń bẹ nítorí ìrìn-àjò, wọ́n ní tàwọn aboyún, àfi bí ẹni pé wọ́n ti pín ìṣàkóso ayé fún wọn. Àwa Yorùbá ní ẹ̀rí tó súnmọ́ni lórí èyí. Ní Kúbà, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa so Ṣàngó mọ́ Bábárà Mímọ́, wọ́n sì so Yemọja mọ́ Màríà tí wọ́n ń bọlá fún ní ìjọ Régílà, ní etí omi Havánà. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Bàhíà ní Bùràsíìlì, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn Àgùdà tó padà wá sí Èkó ti bọ̀. Ìjọ Àgùdà kò fi èyí kọ́ni rárá. Àwọn ìyálórìṣà ńlá ní Bàhíà fúnra wọn, Ìyá Ṣítẹ́là láàárín wọn, kéde ní ọdún 1983 pé òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ Àgùdà. Síbẹ̀, Pùròtẹ́sítáǹtì á bèèrè ìdí tí ìsopọ̀ náà fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àgùdà olóòótọ́ kò ní sẹ́ pé ewu náà wà. Àpérò Tírẹ́ńtì, tó gbèjà ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ẹni mímọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 1563, pàṣẹ lẹ́sẹ̀ kan náà pé kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù fòpin sí ìgbàgbọ́ asán àti ìfiṣòwò tó rọ̀ mọ́ ọn.

Bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀bẹ̀ wò

Ìtàn Fada Síпíríánì Táńsì fi hàn bí Àgùdà ṣe ń fi ọwọ́ lile mú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Àgùlérí ní ilẹ̀ Ìgbò ni, òun ló sì ṣe ìrìbọmi fún Kádínà Arinze. Ní ọdún 1950, ó lọ di mọ́ńkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì kú sí, ní ìlú Lẹ́sítà, ní ọdún 1964. Ní ọdún 1986, wọ́n gbé egungun rẹ̀ padà wá sí Oníṣà. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí kókó burúkú wà nínú rẹ̀ fọwọ́ kan pósí náà, ara rẹ̀ sì yá.

Ìyẹn nìkan kò tó. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà ló ń kọ́kọ́ yẹ ìwé ìwòsàn wò ní Róòmù. Wọn kò bi wọ́n bóyá iṣẹ́ ìyanu ni, wọ́n bi wọ́n bóyá ìmọ̀ ìṣègùn ní àlàyé fún un ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ìgbàgbọ́ á bèèrè ta ni wọ́n bẹ̀. Bí aláìsàn bá ti pe ẹni mímọ́ mẹ́fà pọ̀, ẹjọ́ náà ti fẹ́ẹ̀ bàjẹ́, nítorí a kò lè mọ àdúrà ta ni Ọlọ́run gbọ́. Lẹ́yìn wọn ló kan àwọn kádínà àti bíṣọ́ọ̀bù, kó tó dé iwájú Póòpù. Ẹjọ́ Táńsì yege. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì wá sí Ọba, nítòsí Oníṣà, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1998, ó sì kéde rẹ̀ ní Ẹni Ìbùkún. Iṣẹ́ ìyanu mìíràn, tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ló kù kí wọ́n tó lè pè é ní Ẹni Mímọ́.

Lójú Àgùdà, ìwòsàn náà jẹ́ àmì pé Táńsì wà níwájú Ọlọ́run, pé Ọlọ́run sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Pùròtẹ́sítáǹtì lè gbà pé ìwòsàn ṣẹlẹ̀, kó má sì gba ìyókù. Á ní àánú Ọlọ́run kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà tí a gbà tọrọ rẹ̀ tọ́. Dókítà lè sọ pé òun kò rí àlàyé, ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò tó lè fi ẹni tó bá wa bẹ Ọlọ́run hàn.

Ibi tí ìjà náà le sí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé rósárì ni ògiri tó wà láàárín àwọn ìjọ. Kì í ṣe òun. Ohun tí àpérò Tírẹ́ńtì sọ nípa pípe àwọn ẹni mímọ́ ni pé ó dára, ó sì wúlò. Kò pàṣẹ pé kí olúkúlùkù máa ṣe é. Àgùdà tí kò fọwọ́ kan rósárì rí kò tìtorí ìyẹn dẹ́ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò bá ìjọ bẹ Màríà nínú Mísà, kò sì gbọdọ̀ kọ́ni pé ẹ̀bẹ̀ náà kò tọ́. Ìgbìmọ̀ tí àwọn Áńgílíkà àti Àgùdà jọ gbé kalẹ̀ tẹ ìwé kan lórí Màríà jáde ní ọdún 2005. Wọ́n ní àṣà bíbẹ̀ ẹ́ pé kó gbàdúrà fún wa kò yẹ kó pín ìjọ níyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí 22 nínú Orí Mọ́kàndínlógójì tí àwọn Áńgílíkà gbà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún bu ẹnu àtẹ́ lu pípe ẹni mímọ́. Ọ̀pọ̀ Áńgílíkà kò sì fara mọ́ ìgbìmọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Fátíkàn sọ fún àwọn Àgùdà fúnra wọn pé kò yẹ kí wọ́n máa fún Màríà ní oyè pé òun àti Kírísítì jọ ra aráyé padà, kó má baà bo iṣẹ́ Kírísítì mọ́lẹ̀.

Ohun tó le ni méjì nínú ẹ̀kọ́ nípa Màríà tí Póòpù sọ di dandan. Ní ọdún 1854, Píọ́sì Kẹsàn-án kéde pé Ọlọ́run pa Màríà mọ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti lóyún rẹ̀. Ní ọdún 1950, Píọ́sì Kejìlá kéde pé nígbà tí ìgbé ayé rẹ̀ parí, Ọlọ́run gbé e lọ sọ́run tara-tọkàn. Àgùdà kò lè mọ̀ọ́mọ̀ sẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì kó sì wà nínú ìgbàgbọ́ ìjọ rẹ̀. Pùròtẹ́sítáǹtì wá inú Bíbélì títí, kò rí èyí tó sọ wọ́n ní kedere. Àgùdà ní ìjọ tí Ẹ̀mí Mímọ́ ń darí gbà wọ́n gbọ́ kó tó di pé Póòpù kéde wọn, àṣẹ ìjọ náà ló sì sọ ìwé tó yẹ kó wà nínú Bíbélì fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wá kúrò lórí Màríà níbẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni ẹni tó láṣẹ láti sọ ohun tí onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ gbà gbọ́. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn ni wọ́n tó lè fohùn ṣọ̀kan lórí ìyá Jésù.